Ta Ló Ṣí Táàpù Náà?

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó wá jókòó síwájú mi kó máa fi òyìnbó dídán parọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Èkó, mo sì máa ń dá iṣẹ́ àmúrelé tí ọmọ dà kọ láti inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ kí n tó ka ìlà kejì. Síbẹ̀, lọ́dún tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ru sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ sójú òkun Àpápá tí wọn ò rí ibi já ẹrù sí, ọkùnrin kan jókòó síwájú mi ní ọ́fíìsì, ó parọ́ fún mi fún odidi wákàtí kan, mo sì gbà á síṣẹ́.

Abọ́sẹ̀dé Adéyẹyè lorúkọ mi. Èmi ni mò ń rí sí gbígba òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Owó epo rọ̀bì ti dé sílùú nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tuntun ń yọ lójoojúmọ́, tírélà ò sì jẹ́ ká ráyè fẹsẹ̀ rìn létí títì. Ẹni tó mọṣẹ́ ò tó nǹkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè ka orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ mẹ́ta láìkọsẹ̀ ti di ọ̀gá nìyẹn.

Iṣẹ́ tiwa ò lè lọ láìsí bọ́ílà. Ìkòkò irin ńlá kan ni, ó ga ju èèyàn lọ. Epo dúdú la fi ń dáná sí i, omi inú rẹ̀ á hó di ooru, ooru yẹn la sì fi ń pa aṣọ láró. Bí omi bá gbẹ nínú rẹ̀ tí iná sì ń jó lọ, ó lè bú gbàmù. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ níta, ibẹ̀ la ti ń wo ibi tí omi dé. Ẹ̀yìn ògiri yàrá bọ́ílà yìí ni ọgọ́ta obìnrin ti ń ká aṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọkùnrin tí mo gbà síṣẹ́ yẹn ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló lọ na ara rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tí omi sì ń gbẹ lọ nínú bọ́ílà. Ọpẹ́lọpẹ́ Ẹ́ńjíníà Akíntáyọ̀ tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wa, tó ń kọjá lọ tó bojú wo gíláàsì, tó sì sáré pa iná. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá tó jẹ́ máníjà wa pè mí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Ó ní, “Mísìs Adéyẹyè, ẹni tẹ́ ẹ bá tún mú wá, tí kò bá mọṣẹ́, ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ máa jọ lọ.” Mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ìwé, owó oṣù tíṣà ọkọ mi nìkan ò sì lè gbé wa ní Ṣógúnlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi nìkan ló pa mí lẹ́kún. Mo ń rántí àwọn obìnrin ẹ̀yìn ògiri yẹn.

Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo yọ ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ tí mo gba ọkùnrin yẹn síṣẹ́ jáde, mo kà á. Ojú tì mí. Ẹ́ńjíníà ti kọ ìdáhùn tó yẹ kí ẹni tó mọ bọ́ílà fún wa síwèé fún mi, èmi náà sì kó gbogbo ìdáhùn yẹn sínú ìbéèrè. Mo bi í pé, “Iná lẹ kọ́kọ́ pa, àbí?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Ẹ wá jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó ṣí i?” Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Èmi ni mo bi í, èmi náà ni mo dá ara mi lóhùn, iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó máa mi orí lọ. Bí ọmọ kíláàsì mi bá ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, òdo ni ǹ bá fún un.

Èmi àti Ẹ́ńjíníà Akíntáyọ̀ wá jókòó ṣètò mìíràn. Ọmọ Oǹdó ni, inú rẹ̀ kì í pẹ́ bí, èmi náà sì rèé, nítorí náà a yé ara wa. A fẹnu kò pé ìbéèrè kan náà la máa fi bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá: kó sọ ìgbà kan tí bọ́ílà dààmú rẹ̀ àti ohun tó ṣe sí i. Lẹ́yìn náà la ó máa tọ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kí lo kọ́kọ́ rí? Èwo lọ́wọ́ tìrẹ ṣe níbẹ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn lo ṣe? Ta ló wà níbẹ̀ tá a lè bi? Kí ni kò lọ déédéé? A ò gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn há ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí ọ̀rọ̀ bá sì pa á lẹ́nu mọ́, a ó dúró dè é. Ìdúródè yẹn ló le jù fún mi, nítorí ẹnu mi kì í fẹ́ sinmi.

Ẹni márùn-ún ló wá lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Máníjà fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò wá. Mẹ́ta nínú wọn ò kọjá ìbéèrè kejì. Olúbọ̀wálé ló ṣe ìkẹrin, ọmọkùnrin gíga kan tó de táì pupa. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kún fáìlì, òyìnbó rẹ̀ sì ń ṣàn. Ó ní òun ló tún bọ́ílà ilé-iṣẹ́ táyà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ṣe látòkè délẹ̀. Mo rí i tí Máníjà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkàn èmi náà sì ti ń fà sí i. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, mo ní kó sọ ohun tó rí nígbà tó ṣí bọ́ílà náà.

Ó ní ohun tó máa ń wà níbẹ̀ náà ni. Mo ní irú kí ni. Ó ní gbogbo ohun tí ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ ni. Ẹ́ńjíníà ní ìwé ò sí níbí, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan “àwa” àti “àwọn èèyàn wa” mọ́ra, àwa ṣe èyí, àwọn èèyàn wa yọ tọ̀hún. Ẹ́ńjíníà bi í pé bó bá dé ibi iṣẹ́ tí kò rí omi nínú gíláàsì mọ́ tí iná sì ń jó, kí ló máa ṣe. Olúbọ̀wálé ní kíá lòun máa tan pọ́ǹpù kí omi lè wọlé. Ẹ́ńjíníà rọra fi bíro rẹ̀ lélẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún mi tẹ́lẹ̀ pé omi tútù tó bá lọ bá irin tó ti gbóná pupa nínú bọ́ílà gan-an ló lè mú kó bú gbàmù.

Inú bí mi, mo fẹ́ fọ̀rọ̀ gún un lára. Mo wá rí i pé ọmọkùnrin náà ti pa fáìlì rẹ̀ dé, ó sì gbá a mọ́ àyà. Mo bi í jẹ́ẹ́ pé nínú gbogbo àtúnṣe ọjọ́ yẹn, èwo ló jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀. Ó ní sítọ̀ lòun wà, òun ló ń kó ẹ̀yà ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ṣe é. Bó ṣe sọ ìyẹn tán ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ fi rọ́bà tí kò lè gba ooru dí ẹnu ìdérí, tí òun kọ̀ láti kó o fún wọn, tí òun fi wá èyí tó yẹ lọ sí ọ̀dọ̀ òǹtajà mẹ́ta kí òun tó rí i. Ó ka ìwọ̀n rẹ̀, ó sọ ibi tó wà lórí pẹpẹ, gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí sítọ̀ tiwa náà ń wá èèyàn.

Ẹni karùn-ún wọlé. Mísbáù Àjàmú lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, yóò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó yọ fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n ní kó má pẹ́. Kò sí ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà ló ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ajíbọ́lá, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà tó kó kúrò. Òyìnbó rẹ̀ ń ta kókó, mo bá bi Máníjà bóyá a lè sọ Yorùbá. Ó ní ká sọ ọ́.

Mísbáù ní ìgbà kan wà tí gíláàsì ń fi omi hàn wọ́n tí omi ò sì sí nínú bọ́ílà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjíníà gbórí sókè. Mo bi í ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ni. Ta ló pa iná? Ọ̀gá òun ni. Ta ló tún un ṣe? Ọ̀gá òun náà ni. Gbogbo ibi tí mo bá gbà, ọ̀gá ló máa ń bá mi pàdé níbẹ̀. Ẹ́ńjíníà wò mí lójú, ó sì fa ìlà sí orí orúkọ Mísbáù nínú ìwé tirẹ̀, nítorí a ti gbà láàárín ara wa pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ló máa ń sá sẹ́yìn ẹlòmíràn. Mo gbé bíro tèmi náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló dá mi dúró. Nígbà tó ń ṣàlàyé, ó ní omi inú gíláàsì dúró jẹ́ẹ́, kò mì rárá, títí wọ́n fi ṣí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjíníà ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Olúbọ̀wálé léèrè nípa omi inú gíláàsì, kò rí nǹkan kan sọ ju ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù lọ. Ta ni í kíyè sí i pé omi ò mì, bí kò ṣe ẹni tó tẹjú mọ́ ọn? Mo wá rántí bàbá mi. Káfíńtà ni ní Ìkẹ́rẹ́. Ọdún tí làkúrègbé dè é mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìwé wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yin ilẹ̀kùn náà, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ, pé ọ̀gá ló kàn án. Lójú wọn, kí ọmọṣẹ́ la ẹnu pe iṣẹ́ ní tirẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wà láyé, àfojúdi ni. Wọ́n á sì sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́.

Mo gbé bíro sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ ní wọ́n ṣí nǹkan kan lábẹ́ gíláàsì náà.”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, táàpù kékeré kan, wọ́n ṣí i kí omi inú gíláàsì lè ṣàn dànù.

“Nígbà tí wọ́n ń ṣí i, ibo ni ọ̀gá yín dúró sí?”

Fáànù ń yí lókè, tírélà kan kọjá níta, gbogbo fèrèsé gbọ̀n. Ó wù mí kí n ràn án lọ́wọ́. Mo gé ètè mi jẹ.

Ó ní, “Wọn ò sí nítòsí, mà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti lọ kírun.”

“Ta ló ṣí táàpù náà?”

“Àwọn ló kọ́ mi, mà.”

“Mo gbọ́. Ta ló ṣí i?”

Ó wo fìlà orí orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ mi ni, mà.”

Ẹ́ńjíníà fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó bi í pé kí ló rí nígbà tó ṣí i. Mísbáù ní omi inú gíláàsì dà nù, ṣùgbọ́n nígbà tí òun ti táàpù padà, omi ò fò padà sókè bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń yọ́ bọ̀. Ó yé òun pé ojú ihò tó so gíláàsì mọ́ bọ́ílà ti dí, pé omi àtijọ́ ni àwọn ti ń wò látàárọ̀. Kí ló ṣe tẹ̀lé e? Ó pa iná. Ṣé ó tan pọ́ǹpù? Ẹ́ńjíníà ò bi í bẹ́ẹ̀, ó kàn ní, “Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?” Mísbáù ní òun ò jẹ́ kí omi kankan wọlé, nítorí òun ò mọ bí inú ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Òun lé gbogbo èèyàn jáde, òun sì fi í sílẹ̀ kó máa tutù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣí i. Omi ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Èérí funfun tó le bí eyín ló dí ojú ihò náà, òun sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un jáde.

Ìbéèrè ìkẹyìn ku tèmi. Mo ní bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, kí ló máa ṣe tí kò ṣe. Kò ronú rárá, bí ẹni tó ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá. Ó ní àárọ̀ ló yẹ kí òun ti ṣí táàpù yẹn wò, kí òun tó dáná rárá. Fọ́ọ̀mànù ń kán wọn lójú, òun sì fò ó. Ó ní, “Ẹ̀bi mi nìyẹn, mà. Kò sẹ́ni tó mọ̀.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti gba ìyìn iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ẹ̀bi rẹ̀.

Nígbà tó jáde, Máníjà ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin tí mo gbà síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà dùn. Ó ní ká wá ẹlẹ́rìí. Kò burú bó ṣe sọ ọ́, iṣẹ́ mi sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá Ajíbọ́lá ti fẹ̀yìn tì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe pọ́ǹpù sí Ṣógúnlé, kò jìnnà sílé mi. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àgbàlagbà kan tó fi gíláàsì ojú sórí imú. Mi ò jẹ́ kó mọ ohun tí Mísbáù sọ fún wa. Mo kàn ní kó sọ fún mi nípa ọjọ́ tí gíláàsì bọ́ílà wọn parọ́.

Ó ní òun dé láti mọ́ṣáláṣí, òun bá gbogbo ilé-iṣẹ́ níta, iná ti kú, Mísbáù sì jókòó sílẹ̀. Òun bú u pé ó da iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí wọ́n ṣí bọ́ílà náà lọ́jọ́ kejì ni òun tó mọ̀ pé ó gba ẹ̀mí àwọn là. Ilé-iṣẹ́ wá ní káwọn yin ẹni tó ṣe é, Mísbáù sì sọ fún wọn pé ọ̀gá òun ni.

Ó nawọ́ sí aago ńlá kan lára ògiri. Ó ní, “Ohun tí wọ́n fi yìn mí nìyẹn. Mo gbà á, mi ò sọ̀rọ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo wo aago níbẹ̀ tí kì í dùn mí.” Ó gun orí àga, ó yọ aago náà, ó fi àkísà nù ún, ó sì gbé e fún mi pé kí n bá òun mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ló jókòó kọ ìwé fún Máníjà wa, ó sì fọwọ́ sí i. Omijé ń dà lójú mi bí mo ṣe ń gbé aago lọ sílé láàárín títì, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń bi mí aago mélòó ló lù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Mísbáù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Olúbọ̀wálé sì wọlé sí sítọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kò de táì wá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Ẹ́ńjíníà á máa yọjú sí yàrá bọ́ílà lójoojúmọ́, èmi náà á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ẹni pé mo mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mísbáù ti gbé aago rẹ̀ kọ́ sí òkè ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dé kí Ẹ́ńjíníà tó dé. Iná ò tíì jó. Àwọn obìnrin ń rọ́ wọlé lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ilẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, ó tutù, omi ti ṣàn níbẹ̀.

Mo bi í pé, “Ta ló ṣí táàpù yìí láàárọ̀ yìí?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí lójú.

“Èmi ni, mà.”